Kósìtì àti iṣẹ́ páàtì-táìmù kí ìfẹ̀yìntì tó dé: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwa ará Òkun

Láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, àwọn ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí léraléra, pàápàá àwọn tó ti lé lógójì ọdún tí iṣẹ́ ọ́fíìsì ti sú. Mo kó wọn jọ síbí. Náírà òní ni gbogbo owó tí mo dárúkọ, ìyẹn ni pé bí owó ṣe lè ra ọjà lónìí ni mo fi ṣírò, àní nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀ ogún ọdún sí i.

Kí ni ètò Kósìtì gan-an?

Ẹ ó kó owó ìfẹ̀yìntì jọ kíákíá nígbà tí agbára ṣì wà, títí yóò fi tó débi pé bí ẹ kò tilẹ̀ fi kọ́bọ̀ kún un mọ́, èrè lórí èrè á gbé e dé iye tí ẹ nílò lọ́jọ́ ogbó. Láti ọjọ́ yẹn lọ, owó oúnjẹ, owó iná àti owó ọkọ̀ ti oṣù tí a wà nínú rẹ̀ nìkan ló kù tí ẹ ní láti máa wá.

Ẹ kò tíì fẹ̀yìn tì o. Ẹ ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ lè gba iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, tàbí èyí tí owó rẹ̀ kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Nǹkan méjì ló gbé ètò yìí ró: ẹ kò ní fọwọ́ kan owó tí ẹ ti kó jọ, owó náà yóò sì máa dàgbà ju bí ọjà ṣe ń wọ́n sí i lọ. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá yẹ̀, ètò ti dàrú nìyẹn.

Ṣé kì í ṣe ohun kan náà ni pẹ̀lú kí n kàn máa ṣe páàtì-táìmù?

Rárá. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe páàtì-táìmù láìní nǹkan kan nípamọ́. Ẹni bẹ́ẹ̀ ń jẹun òní, ọjọ́ ogbó rẹ̀ sì ṣófo. Ẹni tó ń ṣe Kósìtì ti parí ìfowópamọ́ kó tó dín iṣẹ́ kù.

Ọ̀nà kẹta wà láàárín: owó iṣẹ́ kékeré náà kò tó ná, ẹ wá ń yọ díẹ̀ lára owó ìpamọ́ lóṣooṣù láti fi dí i. Ìyẹn ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ó nílò owó ìpamọ́ tó pọ̀ ju ti Kósìtì lọ dáadáa. Màá fi ìṣirò rẹ̀ hàn nísàlẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti máa ń tan ara wọn jẹ.

Èló ni màá nílò nígbà tí mo bá fẹ̀yìn tì pátápátá?

Ẹ ṣírò ìnáwó ọdún kan bí yóò ṣe rí nígbà náà, kì í ṣe bó ṣe rí lónìí. Owó ilé-ìwé ọmọ á ti kúrò níbẹ̀. Owó oògùn á ti gòkè. Ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po.

Ìlọ́po 25 ni ọ̀pọ̀ ń gbọ́. Ará Amẹ́ríkà kan, William Bengen, ló ṣe ìṣirò tó bí i lọ́dún 1994: ó wo ìtàn ọjà ìpín-ìdókòwò àti bọ́ǹdù ilẹ̀ wọn, ó sì rí i pé ẹni tó bá yọ 4% lọ́dún àkọ́kọ́, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n owó rẹ̀, tó sì ń fi kún un bí ọjà ṣe ń wọ́n, kò ní rí ìdí àpò láàárín ọgbọ̀n ọdún. Dọ́là àti ọjà tiwọn ni ó fi ṣe é. Kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé náírà á ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń lo ìlọ́po 30. Bí ẹ bá fẹ́ lo 35, n kò ní bá yín jà.

Ẹ fi àpẹẹrẹ ṣe ìṣirò Kósìtì náà fún wa.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan, ọmọ Ìyàrá, ẹni ogójì ọdún, tó jẹ́ akáǹtáǹtì ní ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ní Lọ́kọ́jà. Ó fẹ́ padà sí Kàbà kó máa ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kó sì fẹ̀yìn tì pátápátá ní 60. Ó ní ilé, kò san rẹ́ǹtì. Ó ṣírò pé 200,000 náírà lóṣù ni yóò tó òun nígbà náà, ìyẹn mílíọ̀nù 2.4 lọ́dún. Ìlọ́po 30 rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 72.

Ogún ọdún ló kù. Bí owó rẹ̀ bá ń jèrè 3% lọ́dún lẹ́yìn tí a ti yọ ọ̀wọ́ngógó ọjà kúrò, iye tó yẹ kó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí rèé:

```
72,000,000 ÷ 1.03^20 = 39,865,000
```

Ó ní mílíọ̀nù 16 nínú àkáǹtì pẹ́ńṣọ̀n, mílíọ̀nù 12 nínú bọ́ǹdù ìjọba àpapọ̀, àti ohun tó tó mílíọ̀nù 9 nínú owó-ìdókòwò dọ́là. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 37. Kò tíì dé ibẹ̀, ó ku bíi mílíọ̀nù mẹ́ta.

Ó ku mílíọ̀nù mẹ́ta, ó sì ń fi mílíọ̀nù 1.8 pamọ́ lọ́dún. Ṣé ọdún kan ò tó?

Kò tó, nítorí àmì náà, ìyẹn iye tó yẹ kó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í dúró sójú kan. Bí ọdún kan bá ti kọjá, ọdún 19 ló kù fún owó náà láti dàgbà, kì í ṣe 20, nítorí náà ohun tó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ ti di mílíọ̀nù 41.1. Owó tirẹ̀ ti di mílíọ̀nù 39.9 nígbà náà.

Ní ọdún kejì, àmì di mílíọ̀nù 42.3, owó rẹ̀ sì di mílíọ̀nù 42.9. Ó ti kọjá á. Nítorí náà, ẹni ọdún 42 ni yóò lè fi Lọ́kọ́jà sílẹ̀, bí nǹkan bá lọ déédéé. Ẹni tó bá ṣírò lẹ́ẹ̀kan péré, tó wá fi àmì ọdún tó kọjá díwọ̀n owó ọdún yìí, á kúrò níbi iṣẹ́ kí àkókò tó tó.

Kí ló dé tó jẹ́ 3% péré? Bọ́ǹdù tèmi ń san 18%.

18% yẹn kò tíì yọ ọ̀wọ́ngógó kúrò. Bí ọjà bá fi 15% wọ́n sí i lọ́dún kan náà, 1.18 tí a pín pẹ̀lú 1.15 jẹ́ 1.026. Èrè gidi yín kò ju 2.6% lọ. Ní December 2024, iléeṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ kéde ọ̀wọ́ngógó 34.80%. Ẹni tó ń gba 18% lásìkò yẹn ń pàdánù ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye inú àkáǹtì rẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Ẹ wo bí ìdá kan ṣe lè yí ọ̀rọ̀ padà fún obìnrin wa ní ogójì ọdún. Bí èrè gidi bá jẹ́ 4%, mílíọ̀nù 32.9 ni yóò nílò, ó ti kọjá á tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ 2%, mílíọ̀nù 48.5 ni. Èmi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ohun tó ju 3% lọ ṣe ìpìlẹ̀ lórílẹ̀-èdè yìí, bí ọdún kan tàbí méjì tilẹ̀ dára.

Nítorí náà ló ṣe yẹ kí apá kan wà ní dọ́là. Lẹ́yìn tí wọ́n tú náírà sílẹ̀ ní June 2023, ẹni tí gbogbo owó rẹ̀ jẹ́ náírà rí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ṣé owó pẹ́ńṣọ̀n mi wà lára rẹ̀? N kò lè fọwọ́ kàn án báyìí.

Ó wà lára rẹ̀ dáadáa. Àìlèfọwọ́kàn yẹn gan-an ló jẹ́ kó bá Kósìtì mu. Lábẹ́ Òfin Pẹ́ńṣọ̀n 2014, agbanisíṣẹ́ ń san 10%, òṣìṣẹ́ ń san 8%. Bí ẹ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, sísan náà dúró, ṣùgbọ́n owó tó wà níbẹ̀ kò dúró, wọ́n ṣì ń fi í dókòwò. Nọ́ńbà pẹ́ńṣọ̀n yín kì í yí padà títí ayé, ẹ má ṣe ṣí òmíràn.

Ẹ wo irú àpò tí owó yín wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò tíì pé 50, Àpò Kejì ni wọ́n máa ń fi í sí bí kò bá yan nǹkan kan. Tó bá pé 50, wọ́n á gbé e lọ sí Àpò Kẹta, tí ìpín-ìdókòwò inú rẹ̀ kéré, tí bọ́ǹdù sì pọ̀. Ó rọlẹ̀ sí i, èrè rẹ̀ náà sì lè rọlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ewu díẹ̀ sí i lè kọ̀wé béèrè fún Àpò Kìíní kó tó pé 50.

Wọ́n ní mo lè gba 25% rẹ̀ bí mo bá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ṣé kí n gbà á?

Òfin fàyè gba ẹni tí kò tíì pé 50, tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́, tí kò sì rí òmíràn fún oṣù mẹ́rin. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá wá páàtì-táìmù ló bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ti rí iṣẹ́ ti rí iṣẹ́.

Kódà bó bá tọ́ sí yín, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìdá mẹ́rin mílíọ̀nù 16 jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́rin. Bí obìnrin wa bá gbà á ní ọdún 42, ohun tó gé kúrò nínú ọjọ́ ogbó rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 6.8 ti náírà òní. Kò sí nínú Kósìtì mọ́ ní ọjọ́ tó bá gbà á. Mo ti rí àwọn tó fi í ra ọkọ̀ èrò.

Iṣẹ́ páàtì-táìmù wo ló wà ní Kàbà, Mọ̀pà tàbí Ìsánlú tó lè bọ́ èèyàn?

Ẹ má wá irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe ní Àbújá ní ìdajì. Kò sí níbí. Ohun tó wà ni iṣẹ́ tí àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké nílò, ṣùgbọ́n tí agbára wọn kò gbé òṣìṣẹ́ odindi. Ilé-ìwé aládàáni nílò ẹni tó ń tọ́jú ìwé owó, olùkọ́ físíìsì tàbí kẹ́místírì fún ọjọ́ méjì, olùkọ́ ìmúrasílẹ̀ fún ìdánwò Jáǹbù. Ilé ìwòsàn aládàáni ń wá nọ́ọ̀sì fún àṣálẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń wá ẹni tí yóò yẹ ìwé wọn wò. Iṣẹ́ orí ẹ̀rọ ayélujára náà wà, tí ẹ bá ní sólà tó lè gbé kọ̀ǹpútà. Ẹ má gbójú lé iná ìjọba.

Obìnrin wa ń gba 120,000 níbi ilé-ìwé tó ń lọ lọ́jọ́ mẹ́ta, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù méjì sì ń fún un ní 40,000 kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 200,000. Ẹ rántí owó-orí: lábẹ́ òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní January 2026, 800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún kò ní owó-orí, èyí tó tẹ̀ lé e títí dé mílíọ̀nù mẹ́ta jẹ́ 15%, kí a tó yọ àwọn ìdẹ̀rùn tí òfin fàyè gbà. Lórí mílíọ̀nù 2.4, ó lè tó 20,000 lóṣù. Ìṣòro tó kù ni pé ilé-ìwé kì í fẹ́ san owó fún oṣù August. Ẹ bá wọn sọ ọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kó sì wà nínú ìwé.

Bí owó iṣẹ́ náà bá fi 50,000 péré dín sí ohun tí mo ń ná ńkọ́?

50,000 lóṣù dà bí ohun kékeré, ó sì lẹ́rù. 600,000 ni lọ́dún kan. Láti ọdún 42 títí di 60, pẹ̀lú 3% èrè gidi, owó tó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ lọ́tọ̀ láti máa dí ihò yẹn jẹ́ mílíọ̀nù 8.25. Kò sí lára mílíọ̀nù 42.9 yẹn. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò lè jẹ́ inú pẹ́ńṣọ̀n, nítorí ibẹ̀ tì pa.

Ẹ wò ó báyìí: pé kí obìnrin wa rí ẹgbẹ́ kan sí i tí yóò máa san 50,000 fún un níye lórí ju pé kó ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́rin sí i ní Lọ́kọ́jà. Mílíọ̀nù 1.8 ló ń fi pamọ́ lọ́dún. Ọdún mẹ́rin kò tilẹ̀ kó mílíọ̀nù 8.25 jọ. Nítorí náà, kí ẹ tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ fi oṣù mẹ́ta gbé lórí iye tí iṣẹ́ kékeré náà máa san, kí gbogbo ìyókù wọ báńkì. Bí ẹ bá yá owó nínú oṣù mẹ́ta yẹn, ẹ ti rí ìdáhùn.

Mo ní oko kajú àti ilẹ̀ ẹbí. Ṣé kí n kà wọ́n kún owó Kósìtì?

Ilẹ̀ ẹbí, rárá. Ẹ kò lè dá a tà, nítorí náà kì í ṣe owó. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dín ìnáwó yín kù: iṣu àti ẹ̀gẹ́ tí ẹ kò rà lọ́jà ti jáde kúrò nínú 200,000 yẹn. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti ka àǹfààní rẹ̀, kì í ṣe nínú mílíọ̀nù.

Kajú yàtọ̀ díẹ̀ nítorí ó ń mú owó wá. Ṣùgbọ́n ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni owó náà ń wọlé, iye tí àwọn oníṣòwò ń rà á kì í dúró sójú kan láti ọdún dé ọdún, iná ìgbẹ́ sì lè jó iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ẹ mú owó ọdún mẹ́ta tó burú jù nínú ọdún mẹ́fà tó kọjá, ẹ wá ìdá àárín rẹ̀, ẹ pín in sí oṣù méjìlá, ẹ kà á bí owó páàtì-táìmù. Igi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn kò wọ ìṣirò rárá títí yóò fi so.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí. Ṣé ó ṣeé ṣe fún mi?

Iṣẹ́ ìjọba kò ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún òṣìṣẹ́ gbogbo ìgbà. Ẹ wà níbẹ̀ tàbí kí ẹ kúrò. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò sì lè máa ṣe òwò tiyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ìlànà ìwà òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà nínú Òfin Ìpìlẹ̀ 1999 kọ̀ ọ́ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ odindi. Ohun kan tí ó yọ sílẹ̀ tó sì fàyè gbà ni iṣẹ́ àgbẹ̀. Fún wa níbí, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré. Ẹ lè ti máa tún oko ṣe nígbà tí ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, tí yóò fi jẹ́ pé ọjọ́ tí ẹ bá jáde, owó oko ti mọ ọ̀nà ilé.

Ẹni tó bá fẹ́ kúrò ṣáájú ọdún 60 tàbí ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí òun ó pàdánù, ó sì yàtọ̀ láàárín ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀. Ẹ gba lẹ́tà tó sọ iye rẹ̀ láti ọ́fíìsì pẹ́ńṣọ̀n kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó.

Àìsàn ńkọ́, nígbà tí kò sí iléeṣẹ́ tó ń sanwó ìwòsàn mọ́?

Ẹ ra inṣọ́ránsì ìlera fúnra yín kí ti ibi iṣẹ́ tó parí. Òfin 2022 ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì lè ní ètò tirẹ̀. Ẹ béèrè ilé ìwòsàn tó wà lórí àkọsílẹ̀ wọn nítòsí yín, kí ẹ má baà ní káàdì tó jẹ́ pé Lọ́kọ́jà nìkan ló ti wúlò.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ní owó pàjáwìrì tó lè bọ́ yín fún ọdún kan, lọ́tọ̀ sí owó Kósìtì. Obìnrin wa ń ná 250,000 lóṣù báyìí, nítorí náà mílíọ̀nù mẹ́ta ni tirẹ̀. Láìsí i, iṣẹ́ abẹ kan ṣoṣo á mú un lọ ta bọ́ǹdù.

Ẹbí rò pé mo ti ráyè nígbà tí mo padà wálé. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é?

Ẹni tó wà nílé lọ́jọ́ Tuesday kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Wọ́n á fi yín ṣe akápò ìsìnkú, wọ́n á ní kí ẹ gbé Màmá lọ sí ilé ìwòsàn, ìdáwó ìlú á sì kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn yín kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà l'Ékòó. Ẹ ní ìlà kan nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ẹbí, kí iye rẹ̀ sì jẹ́ òótọ́. Ẹni tó bá kọ òdo síbẹ̀ kò tíì gbé ilé rí.

Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta yẹn, ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn mọ̀ ọ́n ní orúkọ. Ó rọrùn láti sọ pé "Monday sí Wednesday, ẹnu iṣẹ́ ni mo wà" ju kí ẹ máa ṣàlàyé Kósìtì fún Bàbá àgbà.

Bí owó náà kò bá dàgbà bó ṣe yẹ ńkọ́? Báwo ni màá ṣe tètè mọ̀?

Lọ́dọọdún, ní January, ẹ ṣe àkọsílẹ̀ iye tí ẹ ná lórí àwọn ọjà kan náà: gàrí, òróró, epo bẹntiróòlù, kílò gáàsì kan, owó ọkọ̀ Kàbà sí Lọ́kọ́jà. Ẹ fi bí wọ́n ṣe wọ́n tó sí i gbé iye àfojúsùn yín sókè, kí ẹ wá wò bóyá owó yín ṣì bá àmì ọdún yẹn mu. Ọdún kan tó dín kò tíì tó nǹkan. Bó bá fi ohun tó lé ní 10% dín fún ọdún méjì léra, ẹ má ṣe dúró de ọdún kẹta.

Ẹ jẹ́ ká ní ọdún mẹ́ta burú fún obìnrin wa lẹ́yìn tó padà sílé, tí owó rẹ̀ ń pàdánù 5% agbára ìrajà lọ́dọọdún. Ní ọdún 45, mílíọ̀nù 42.9 ti di mílíọ̀nù 36.8, bẹ́ẹ̀ àmì ọdún yẹn jẹ́ mílíọ̀nù 46.2. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀. Ó lè padà sí iṣẹ́ odindi fún ìgbà díẹ̀, bí iléeṣẹ́ kan bá ṣì fẹ́ ẹ. Ó lè bẹ̀rẹ̀ sí fi 66,000 pamọ́ lóṣù títí di 60. Tàbí kó fi ohun gbogbo sílẹ̀ bó ṣe wà, kó sì gbà pé nǹkan bí ọdún 68 ni mílíọ̀nù 72 yóò tó pé.

66,000 ni èmi ó mú, nítorí àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù méjì sí i lè san án, kò sì ní kó ẹrù padà sí Lọ́kọ́jà. Dídúró de 68 gbára lé ara tó le àti ilé-ìwé tó ṣì fẹ́ gba arúgbó síṣẹ́, kò sì sí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú méjèèjì.